Bí a ṣe ń yọ ẹnà kúrò nínú ìwé ìpolówó sọ́fítíwíà, kí oníṣòwò tó fẹ́ rà á lè lóye rẹ̀

Ẹni tó ni ilé ìtajà oògùn mẹ́ta ní Ìbàdàn kì í ṣe òpè. Ó mọ oògùn tó máa ń yá tà nígbà òjò, ó mọ èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́ pé, ó sì lè ṣírò èrè orí páálí kan láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un ní ìwé ìpolówó tó kún fún kíláòdù, síńkì àti éè-pí-áì, á yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, á kí yín kú iṣẹ́, á sì tì í sábẹ́ àwọn ìwé mìíràn lórí tábìlì. Kò ní sọ pé kò yé òun. Á kàn ní òun á pè yín.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí wọ́n gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́ pé kó tún un kọ. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo la ó lò láti ìbẹ̀rẹ̀: ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń polówó sọ́fítíwíà tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ọjà àti títà fún àwọn ilé ìtajà oògùn. A ṣe é fún àpẹẹrẹ ni, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ lẹ ó bá pàdé nínú ìwé gidi.

Ohun tó yẹ kó wà lọ́kàn yín kí ẹ tó gbé kálàmù ni pé lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnà kọ̀ọ̀kan, ìlérí kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ tán. Bí ẹ bá kàn fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀, ìlérí náà ṣì wà níbi tó farapamọ́ sí. Ìdí nìyí tí apá tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí fi jẹ́ bíbéèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó kọ sọ́fítíwíà náà. Kíkọ rẹ̀ kì í pẹ́ lẹ́yìn náà.

Ìpínrọ̀ tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ nìyí:

"Sọ́fítíwíà ìgbàlódé wa jẹ́ ojútùú alágbára tó dá lórí kíláòdù fún ìṣàkóso ọjà. Ó ń ṣe síńkì ní rìá-táìmù láàárín gbogbo ẹ̀ka. Ó ní ẹ́ńkíríìpíṣọ̀n 256-bíìtì, ọ́pútáìmù 99.9%, bákọ́ọ̀pù aládàáṣe, àtìlẹ́yìn tó péye, àti éè-pí-áì tó ṣí sílẹ̀. Yúsà márùn-ún, ₦20,000 lóṣù fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan."

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ẹ sì fi kálàmù méjì sàmì sí i

Ẹ má ṣe é lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde pẹ̀lú àlàfo ńlá láàárín ìlà, láìsí àwòrán. Ẹ mú kálàmù pupa àti kálàmù búlúù.

Pupa ni kí ẹ fi fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹni tó fẹ́ rà á kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ṣé ó lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọbìnrin tó ń bá a tajà, kí ìyẹn sì dá a lóhùn láìbéèrè? Kíláòdù, síńkì, rìá-táìmù, ẹ́ńkíríìpíṣọ̀n, ọ́pútáìmù àti éè-pí-áì á di pupa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Búlúù wà fún ọ̀rọ̀ tó yé gbogbo ènìyàn ṣùgbọ́n tí kò sọ nǹkan kan. Ẹ dán an wò nípa yíyí i sódì. Ta ni yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìpolówó pé sọ́fítíwíà òun kò lágbára, tàbí pé ti àtijọ́ ni? Bí ẹnikẹ́ni kò bá lè sọ òdì rẹ̀, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. "Ìgbàlódé", "alágbára", "ojútùú" àti "tó péye" á bọ́ síbí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ wá ẹ̀yà kẹta. Òun ló léwu jù, torí ojú máa ń fò ó. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí rọrùn, oníṣòwò sì gbà pé òun mọ̀ wọ́n, àmọ́ ohun tí ilé-iṣẹ́ ní lọ́kàn yàtọ̀ sí tirẹ̀. "Yúsà márùn-ún" dára fún àpẹẹrẹ. Oníṣọ́ọ̀bù tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́jọ á rò pé ènìyàn márùn-ún péré ló lè lò ó. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ilé-iṣẹ́ ń sọ ni pé ènìyàn márùn-ún lè wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí òṣìṣẹ́ mẹ́jọ tó ń pààrọ̀ ara wọn láàárọ̀ àti lálẹ́ lè lò ó láìsí wàhálà. Ó sì tún lè jẹ́ orúkọ márùn-ún géérégé. "Àtìlẹ́yìn" náà rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń ra nǹkan gbọ́ pé ẹnìkan á wá sí ṣọ́ọ̀bù bí nǹkan bá bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé orí Wọ́sáàpù ni wọ́n ti ń dáhùn, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ṣọ́ọ̀bù ń kún. Ẹ fi àmì ìbéèrè sí gbogbo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ló ń dá ìjà sílẹ̀ lẹ́yìn tí owó bá ti wọlé.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ sàmì sí. Báàṣì, nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí lílo oògùn máa dópin, owó páálí àti owó ẹyọ: ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tó ń rà á ni. Bí ẹ bá sọ báàṣì di "àkójọ oògùn tí wọ́n ṣe pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà", apoògùn tó ń kà á á mọ̀ pé ẹ kò mọ iṣẹ́ òun, kò sì ní gbàgbọ́ nínú ìyókù. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe rí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ lọ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n

Ẹni méjì lẹ nílò, kí wọ́n sì jókòó pa pọ̀ fún wákàtí kan: ọ̀kan nínú àwọn tó kọ sọ́fítíwíà náà, àti ẹni tó ń gba ìpè oníbàárà. Wọ́n sábà máa ń gbàgbé ẹnìkejì yìí, bẹ́ẹ̀ òun ló wúlò jù, torí ó mọ ohun tó ń da oníbàárà láàmú, ó sì mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ ọ́.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ pupa àti ọ̀rọ̀ alámì ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ béèrè ohun mẹ́rin nípa rẹ̀. Kí ni ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù máa rí tàbí tó máa ṣe? Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó? Ìgbà wo ni kò ní ṣiṣẹ́? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí oníbàárà tí nǹkan yìí kò bá sí rárá?

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè gbọ́dọ̀ lágídí díẹ̀, torí ìdáhùn àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ẹnà mìíràn. Ẹ béèrè pé kí ni síńkì, wọ́n á ní ó ń fi dátà ránṣẹ́ sí sáfà. Ẹ má gba ìyẹn. Ẹ sọ pé: "Ọmọ iṣẹ́ ta páálí paraṣítámọ́ọ̀lù kan ní Mọ́kọ́lá ní aago mẹ́wàá. Ọ̀gá rẹ̀ wà ní Èkó. Kí ni ọ̀gá rí, aago mélòó ló sì rí i?" Nígbà tí ìbéèrè bá ní ènìyàn, ibi àti àkókò nínú, ìdáhùn náà á ní in.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ohun tó jáde nípa "síńkì ní rìá-táìmù" nìyí. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá wà, títà náà máa ń hàn lórí fóònù ọ̀gá láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá sí, kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù á máa kọ títà sílẹ̀ sínú ara rẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá padà. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní jẹ́ kí wọ́n tà mọ́ títí wọ́n á fi so ó pọ̀. Ní gbogbo àkókò tí kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì, iye ọjà tí ọ̀gá ń rí lórí fóònù jẹ́ ti ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kẹ́yìn.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ méjì péré ṣe bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀. Ohun tó dára jù nípa sọ́fítíwíà náà fún ẹni tó ń ṣòwò ní Ìbàdàn, ìyẹn ni pé títà kò dúró nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, kò sí nínú ìwé ìpolówó rárá. Bẹ́ẹ̀ ni òpin ọjọ́ mẹ́ta tó yẹ kó mọ̀ kí ó tó sanwó kò sí níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ pinnu ohun tí ẹ máa ṣe sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà, kò sì yẹ kí ẹ lo ọ̀kan fún gbogbo rẹ̀.

Èkínní ni pé kí ẹ pa á rẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ búlúù ni ẹ máa ṣe báyìí sí. Àwọn ọ̀rọ̀ pupa kan pẹ̀lú lè lọ, bí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹrin bá jẹ́ pé oníbàárà kò ní mọ̀ pé kò sí.

Èkejì ni pé kí ẹ fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Èyí ló yẹ kíláòdù, síńkì àti rìá-táìmù. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ la ń kọ. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé kíláòdù ni "kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn tí a ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì dé", ẹ ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì sọ ìdí tó fi kan ẹni tó ń kà á. Ohun tó kàn án ni pé bí wọ́n bá jí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù gbé, àkọsílẹ̀ tó ti fi ránṣẹ́ kò bá a lọ.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tó ti kọ́kọ́ fara hàn, kí ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìgbà tí ẹni tó ń rà á máa bá ọ̀rọ̀ náà pàdé lẹ́yìn ìwé yìí ni ẹ máa ṣe èyí: bóyá ó wà nínú ìwé àdéhùn, tàbí ó wà lójú sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀. Bí bọ́tìnì tí wọ́n máa tẹ̀ bá ń jẹ́ `Sync`, tí ìwé ìpolówó sì ń pè é ní "fi ránṣẹ́", oníbàárà á wá bọ́tìnì "fi ránṣẹ́" títí, kò ní rí i. Ẹ kọ ọ́ pé: "Ẹ tẹ bọ́tìnì tí wọ́n kọ `Sync` sí, kí títà ọjọ́ náà lè lọ bá yín lórí fóònù." Bí ilé-iṣẹ́ bá ṣe tán láti yí orúkọ bọ́tìnì padà, ìyẹn tún dára jù, torí ẹnà tó wà lójú ẹ̀rọ ló ń wọ inú ìwé. Bákọ́ọ̀pù náà yẹ ní fífi sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti gbọ́ ọ, wọ́n á sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ẹ jọ ń du oníbàárà.

Ẹ̀kẹrin ni pé kí ẹ gbé e lọ sí ìwé mìíràn. Éè-pí-áì, ìyẹn ọ̀nà tí sọ́fítíwíà mìíràn lè gbà bá èyí ṣiṣẹ́ pọ̀, àti ẹ́ńkíríìpíṣọ̀n 256-bíìtì ní ẹni tó nílò wọn, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà fún oníbàárà ńlá, àmọ́ òun kọ́ ló ń fọwọ́ sí ìwé owó. Ẹ ṣe ojú ewé kan lọ́tọ̀ fún un, kí gbogbo ẹnà wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹ́, láìdín kù. Nínú ìwé ìpolówó, ìlà kan tó: "Bí ẹ bá ní ẹni tó ń bá yín tọ́jú kọ̀ǹpútà, ẹ béèrè ìwé àlàyé tirẹ̀ lọ́wọ́ wa." Nígbà tí àwọn tó kọ sọ́fítíwíà bá rí i pé iṣẹ́ wọn kò sọnù, tó kàn jẹ́ pé ó ti rí ibi tó yẹ ẹ́, wọn kì í sábà jà mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ sọ òǹkà di ohun tí ènìyàn lè fojú inú wò

"Ọ́pútáìmù 99.9%" dún bí ẹni pé kì í kú rárá. Ẹ ṣírò rẹ̀. Oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́ ní ìṣẹ́jú 43,200. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 43. Nítorí náà, ìlérí náà ni pé ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kò ní kú ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 43 lọ lóṣù. Bí wọ́n bá kọ 99.5%, ó ti di wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 36. Bó bá jẹ́ 99%, ó di wákàtí méje àti ìṣẹ́jú méjìlá. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ìyàtọ̀ 99.9 àti 99 kò tó nǹkan. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ìyàtọ̀ láàárín ìdúró díẹ̀ àti odidi ọjọ́ iṣẹ́ kan ni.

Ẹ lọ wo ìwé àdéhùn kí ẹ tó kọ ọ́. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n yọ àkókò àtúnṣe tí wọ́n ti kéde tẹ́lẹ̀ kúrò nínú ìṣirò, òǹkà náà kò sì kan íńtánẹ́ẹ̀tì tàbí iná ṣọ́ọ̀bù oníbàárà. Bí ẹ kò bá sọ èyí, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ ní Mọ́kọ́lá, oníbàárà á rò pé ẹ pa irọ́ fún òun.

Owó náà nílò irú ìtọ́jú yìí. "₦20,000 lóṣù fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan" kì í ṣe iye tí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta máa san. Ẹ bá a ṣírò rẹ̀ délẹ̀: ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta jẹ́ ₦60,000 lóṣù, ₦720,000 lọ́dún. Bí fáàtì kò bá sí nínú rẹ̀, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ₦54,000, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦774,000. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bóyá owó wà fún kíkó àkọsílẹ̀ àtijọ́ wọlé, fún kíkọ́ òṣìṣẹ́, àti fún ẹ̀rọ tó ń ka bákóòdù. Ẹni tó ń rà á á mọ̀ nígbà tí ìwé owó bá dé. Ó sàn kó mọ̀ nísinsìnyí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ tún un kọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìrọ̀rùn bo òtítọ́

Ohun tí ìpínrọ̀ yẹn dà lẹ́yìn gbogbo ìbéèrè nìyí:

"Bí wọ́n bá ta oògùn ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ ó rí i lórí fóònù yín láàárín ìṣẹ́jú kan, níbikíbi tí ẹ bá wà tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ ó rí iye owó tó wọlé, iye tó kù nílẹ̀, àti báàṣì tí ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́ pé.

Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá lọ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ lè máa tà á lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà á kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí yín nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá padà. Títí dìgbà náà, iye tí ẹ ń rí lórí fóònù jẹ́ ti ìgbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà kẹ́yìn. Ẹ ó rí aago náà lókè.

A ń ṣe bákọ́ọ̀pù àkọsílẹ̀ yín ní aago méjì òru ojoojúmọ́, ìyẹn ni pé a ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí ibòmíràn. Bí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́ tàbí tí wọ́n jí i gbé, títà tí kò tíì fi ránṣẹ́ nìkan ló máa sọnù.

Ènìyàn márùn-ún lè wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Iye òṣìṣẹ́ tó ní orúkọ lórí rẹ̀ kò ní òpin. Bí nǹkan bá dí yín lọ́wọ́, ẹ pè wá tàbí kí ẹ kọ sí wa lórí Wọ́sáàpù, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta: ₦774,000 lọ́dún, fáàtì ti wà nínú rẹ̀."

Ẹ wo gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú ìpínrọ̀ bákọ́ọ̀pù. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ jù. Ẹni tó ń tún ìwé kọ fẹ́ kó rọrùn, á wá kọ ọ́ pé "àkọsílẹ̀ yín kò lè sọnù láé". Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Títà tí wọ́n ṣe láàárọ̀ nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì kò sí wà nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù nìkan. Bí kọ̀ǹpútà náà bá jóná ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti bá a lọ. Ẹnà àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ ṣòkùnkùn, kò ṣèlérí ohun tí kò ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn yìí ṣe bẹ́ẹ̀, oníbàárà sì lè mú un tẹ́ ilé-iṣẹ́ níwájú adájọ́.

Ààbò náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńkíríìpíṣọ̀n ń jẹ́ kí ẹni tó bá já àkọsílẹ̀ gbà lójú ọ̀nà má lè kà á. Kò dí òṣìṣẹ́ tó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀gá lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù òṣìṣẹ́ ló ń ba ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù ju ẹ̀rù olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹ má kọ "àkọsílẹ̀ yín wà láìléwu". Ẹ kọ ohun tí sọ́fítíwíà ń ṣe: pé òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, pé ọmọ iṣẹ́ kò lè pa títà rẹ́ láìjẹ́ pé ọ̀gá fọwọ́ sí i, pé orúkọ ẹni tó bá yí iye owó padà á hàn. Ẹ kàn rí i dájú pé òótọ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ní kí wọ́n ṣe é lójú yín.

Bí ìwé àtijọ́ bá sọ pé sọ́fítíwíà náà tẹ̀lé òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023, ẹ má ṣe tún gbólóhùn yẹn kọ fúnra yín. Ẹ fi hàn agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́. Àkọsílẹ̀ oògùn tí ènìyàn rà lè fi àìsàn rẹ̀ hàn, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí à ń fi òye ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ gé nǹkan kúrò kí àlàyé lè rí àyè

Ẹ ti rí i pé ọ̀rọ̀ tuntun gùn ju ti àtijọ́ lọ dáadáa. Kò sí bí ẹ ṣe máa yẹ èyí sílẹ̀. Ìwé A4 tí wọ́n ṣẹ́ sí mẹ́ta ní ojú mẹ́fà: ọ̀kan jẹ́ iwájú, ọ̀kan jẹ́ ẹ̀yìn tí àdírẹ́sì wà, ìyẹn ni pé mẹ́rin ló kù fún ọ̀rọ̀ àti àwòrán. Bí ẹ bá fẹ́ kí lẹ́tà tóbi tó fún ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún láti kà láìwá awò ojú, ojú kọ̀ọ̀kan kò ní gbà ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n dín lẹ́tà kù, tàbí kí wọ́n gé àlàyé padà di ẹnà. Ẹ gé ohun tí sọ́fítíwíà ń ṣe kù dípò rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gba ìpè oníbàárà: nínú ohun méjìlá tí a kọ síbí, mẹ́ta wo ni àwọn ènìyàn ń béèrè kí wọ́n tó rà á? Fún oníṣọ́ọ̀bù oògùn, ó sábà máa ń jẹ́ owó tó ń wọlé, oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ń pé lórí pẹpẹ, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí iná tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Ẹ fún mẹ́ta yìí ní àyè wọn. Ìyókù lè dúró de ìgbà tí ẹ bá jókòó sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ dán an wò lọ́wọ́ àwọn tó máa rà á

Ẹ wá oníṣọ́ọ̀bù oògùn márùn-ún tí kò bá ilé-iṣẹ́ tan. Ẹ má lo òṣìṣẹ́ yín, torí wọ́n ti mọ ìdáhùn.

Ẹ má sì bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Gbogbo wọn á ní ó yé àwọn. Àgbàlagbà kò ní sọ fún ọmọdé pé ìwé kan ṣòro fún òun, ẹni tó bá sì fẹ́ràn yín kò ní fẹ́ dójú tì yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á, kí ẹ gba ìwé náà, kí ẹ wá bi wọ́n ní ọ̀nà tí kò ní dà bí ìdánwò: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ká ní ọmọ yín tó wà nílùú òyìnbó pè, tó ní kí lẹ tún fẹ́ náwó sí yìí, báwo lẹ ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún un?" Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tó ní ìdáhùn pàtó: "Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá lọ láti àná, ṣé iye tí ẹ ń rí lórí fóònù péye?" "Èló lẹ máa san lọ́dún?" "Bí ó bá dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ta lẹ máa pè?"

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ohun méjì lẹ ń wá. Ibi tí ẹni méjì nínú márùn-ún bá ti ṣi ìdáhùn sọ, ẹ lọ tún un kọ, ó dájú pé ìwé ló kù díẹ̀ káàtó. Bí wọ́n bá sì lo ọ̀rọ̀ tó sàn ju tiyín lọ, ẹ gbà á. Bí ẹni mẹ́ta bá pe oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́ pé ní "èyí tó fẹ́ kú sọ́wọ́ wa", ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé nìyẹn.

Ìbéèrè ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn máa ń mú ohun kan jáde tí kálàmù kò lè tún ṣe. Ẹni tó kà á pé kò sí ẹni tó ń gba ìpè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta lè sọ pé òun kò rà á mọ́. Ẹ má tún gbólóhùn náà kọ kó lè farasin padà. Ẹ mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bá ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fi ẹnìkan sídìí fóònù lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ dá a padà fún àyẹ̀wò òtítọ́

Kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, ẹ fún ẹni tó kọ sọ́fítíwíà náà kí ó kà á, ṣùgbọ́n ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó wò fún un. Bí ẹ bá kàn ní kó kà á, á máa fi ẹnà padà sínú rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tó rọrùn dà bí ohun tí kò pé lójú rẹ̀. Ẹ ní kí ó fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó bá jẹ́ irọ́ nìkan, kí ó sì kọ ìgbà tó máa jẹ́ irọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn tí kò pé ṣùgbọ́n tó jẹ́ òótọ́, kí ó fi í sílẹ̀.

Ẹ kọ oṣù àti ọdún sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé ẹ̀yìn ní lẹ́tà kékeré. Ọjọ́ mẹ́ta, ìṣẹ́jú kan àti ènìyàn márùn-ún tí ẹ kọ síbẹ̀ lè yí padà nígbà tí wọ́n bá tún sọ́fítíwíà ṣe. Kí ẹnìkan ní ilé-iṣẹ́ náà mú ẹ̀dà kan pamọ́, kí ó kọ orúkọ ẹni tó fún yín ní òǹkà kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa bi kí wọ́n tó tẹ ìwé mìíràn.